Bí A Ṣe Ń Ṣírò Agbára Omi Lẹ́nu Ẹ̀rọ Láti Gíga Táǹkì Orí Òkè

Táǹkì wà lórí òkè, ẹnu ẹ̀rọ wà nísàlẹ̀, páìpù ló so wọ́n pọ̀. Kò sí iná, kò sí ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ìwúwo omi fúnra rẹ̀ ló ń tì í wálẹ̀. Ohun tí àwọn tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé omi náà á lágbára?" Nọ́ńbà méjì ló ń dáhùn ìbéèrè yẹn. Ọ̀kan ni agbára tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ nígbà tí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ wà ní títì. Èkejì ni èyí tó kù nígbà tí omi bá ń ṣàn. Ti àkọ́kọ́ kò le rárá. Èkejì ló máa ń dójú ti èèyàn, torí pé ọ̀pọ̀ kì í ṣírò rẹ̀ títí páìpù á fi wọlẹ̀.

Ìfúnpá ni màá máa pe agbára yìí láti ibí lọ.

Ibi tí ìfúnpá ti ń wá

Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Ẹ fojú inú wo òpó omi kan tó ga ní mítà kan, tí ìdí rẹ̀ sì fẹ̀ ní mítà kan sí ọ̀tún, mítà kan sí iwájú. Ẹgbẹ̀rún lítà ló wà níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún kílò sì ni. Bí ìwúwo yẹn ṣe ń tẹ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ kílópásíkà 9.81. Ẹ gbé mítà mìíràn lé e lórí, 9.81 mìíràn tún kún un. Gbogbo ìṣirò àkọ́kọ́ kò ju ìyẹn lọ:

```
P = 9.81 × h
```

`P` ni ìfúnpá ní kílópásíkà, `h` ni gíga ní mítà. Ọgọ́rùn-ún kílópásíkà ló ń jẹ́ báà kan, nítorí náà mítà 10.2 ló ń mú báà kan wá. Ẹni tó bá ń ṣírò lórí ìrìn lè fi mítà mẹ́wàá ṣe báà kan, kò ní ṣìnà púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ `psi` ló wà lójú gééjì yín, mítà kan jẹ́ 1.42.

Ẹ kíyè sí ohun tí kò sí nínú ìlà yẹn. Kò sí ìwọ̀n táǹkì níbẹ̀. Táǹkì ẹgbẹ̀rún lítà àti táǹkì ẹgbàárùn-ún lítà, bí ojú omi wọn bá dọ́gba, ìfúnpá kan náà ni wọ́n ń fún ẹnu ẹ̀rọ. Kò sí ìnípọn páìpù, kò sì sí bí páìpù ṣe gùn tó tàbí bó ṣe ń yí kiri. Simon Stevin, ọmọ Flanders, ti kọ ọ́ sínú ìwé ní 1586 pé bí omi ṣe ga tó ló ń pinnu bó ṣe ń tẹ ìsàlẹ̀, kì í ṣe bí ohun tó gbà á ṣe rí. Síbẹ̀, títí di òní, mo ṣì ń rí ẹni tó ń ra táǹkì ńlá nítorí pé omi rẹ̀ kò lágbára. Omi á pẹ́ kó tó tán lóòótọ́, àmọ́ agbára rẹ̀ á wà bó ṣe wà.

Ẹnì kan lè béèrè pé, afẹ́fẹ́ tó ń tẹ ojú omi nínú táǹkì ńkọ́? Afẹ́fẹ́ kan náà ló ń tẹ ẹnu ẹ̀rọ láti ìta, wọ́n ti pa ara wọn rẹ́, gééjì kì í sì í kà á. Ìyẹn dá lórí pé táǹkì ní ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé o. Bí eruku tàbí ìtẹ́ kòkòrò bá dí ihò yẹn, bí omi bá ṣe ń jáde ni inú táǹkì á máa fà mọ́ra. Omi á máa rọra jáde, nígbà mìíràn ara táǹkì oníke á tẹ̀ wọnú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti wọn

Láti ojú omi nínú táǹkì sí ẹnu ibi tí omi ti ń jáde ni, ní òòró gan-an, bí ìgbà tí èèyàn bá ju òkúta sílẹ̀. Kì í ṣe láti ìdí táǹkì, kì í sì í ṣe bí páìpù ṣe gùn tó lórí gẹ̀rẹ́ òkè. Páìpù lè gùn ní irínwó mítà kó sì jẹ́ mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ló fi sọ̀ kalẹ̀.

Nítorí pé ojú omi máa ń lọ sókè sódò, gíga méjì lẹ nílò. Ọ̀kan fún ìgbà tí táǹkì kún dé ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń ti omi, ọ̀kan fún ìgbà tí omi kù díẹ̀ kó bọ́ sísàlẹ̀ páìpù tó ń gbé e jáde. Gíga tó kún ni ẹ ó fi mọ̀ bóyá páìpù lè gbà á. Gíga tó lọ sílẹ̀ ni ẹ ó fi mọ̀ bóyá ẹni tó ń lò ó á rí omi lò. Ẹni tó bá fi gíga táǹkì tó kún ṣe ìlérí fún àwọn ará ilé ti tan ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wọn gíga náà dáadáa

Fóònù máa ń sọ gíga ibi tí èèyàn dúró sí, ó sì máa ń dùn mọ́ni láti gbà á gbọ́. Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ dá ṣe, fóònù ni mo lò. Ó ní mítà mẹ́tàdínlógójì, inú mi dùn, mo ra páìpù. Ọjọ́ tí omi dé, ó ń jáde bí itọ́ ọmọdé. Nígbà tí mo padà lọ wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ, mítà méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Àṣìṣe fóònù lórí gíga lè tó mítà mẹ́wàá, mítà mẹ́wàá sì ni odidi báà kan.

Ohun tí mo ń lò nísinsìnyí ni rọ́bà tínrín tó mọ́ gaara, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń mọ̀ bóyá ìpìlẹ̀ dọ́gba. Mítà méjìlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Ẹ tún wá ọ̀pá méjì tó ga ní mítà méjì, kí ẹ sàmì sí wọn ní sẹ̀ǹtímítà láti ìdí dé orí, bẹ̀rẹ̀ láti òdo nílẹ̀.

Ẹ rọ omi sínú rọ́bà náà títí á fi kù bíi mítà kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbọ̀n gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Afẹ́fẹ́ kékeré kan tó há sáàárín ti tó láti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kí ẹ mú ìpẹ̀kun méjèèjì wá síbì kan, kí ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ojú omi méjèèjì kò bá dọ́gba, afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹnì kan á dúró lókè pẹ̀lú ọ̀pá kan, ẹnì kejì á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá kejì, rọ́bà á wà láàárín wọn, ẹnu rẹ̀ méjèèjì ní ṣíṣí. Ẹ jẹ́ kí omi dúró jẹ́ẹ́. Kí onítòkè ka ibi tí omi dé lára ọ̀pá tirẹ̀, kí onísàlẹ̀ ka tirẹ̀. Bí ti òkè bá jẹ́ 0.35, tí ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 1.80, ilẹ̀ fi mítà 1.45 sọ̀ kalẹ̀ láàárín ibi méjèèjì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Onítòkè á wá kọjá onísàlẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ síwájú, ẹni tó wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ á di ẹni òkè, kò sì gbọdọ̀ ṣí ọ̀pá rẹ̀ kúrò níbi tó gbé e sí. Báyìí lẹ ó ṣe máa pààrọ̀ ààyè títí dé ìdí ẹnu ẹ̀rọ. Bí ilẹ̀ bá gòkè níbì kan, ẹ fi àmì ìyọkúrò sí iwájú nọ́ńbà náà.

Rọ́bà máa ń fẹ́ tú omi dànù bí ẹnì kan bá gbé tirẹ̀ wálẹ̀ jù. Àtàǹpàkò ni kí kálukú fi dí ẹnu tirẹ̀ nígbà tó bá ń rìn, kó sì gbé e kúrò kí wọ́n tó kà á. Bí ẹ bá gbàgbé láti gbé e kúrò, omi kò ní lọ sí ààyè rẹ̀, nọ́ńbà tí ẹ kà á jẹ́ irọ́.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ tún un wọ̀n láti ìsàlẹ̀ padà sókè. Bí àlọ àti àbọ̀ bá fi ju ogún sẹ̀ǹtímítà lọ yàtọ̀ síra, àṣìṣe kan wà níbì kan. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ tún sàmì sí ibi tí ilẹ̀ ti yọ gòǹgò àti ibi tó ti jin lójú ọ̀nà páìpù, kí ẹ sì kọ bí ó ṣe jìnnà sí táǹkì tó. Ẹ máa padà wá lò ó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìfúnpá nígbà tí omi dúró

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan ká sì tẹ̀ lé e dópin. A fi rọ́bà wọ̀n ọ́n nígbà mẹ́tàdínlógún, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mítà 25.0 láti ilẹ̀ ìdí táǹkì sí ilẹ̀ ìdí ẹnu ẹ̀rọ. Táǹkì jókòó sórí pèpéle tó ga ní mítà kan. Bó bá kún, omi inú rẹ̀ ga ní mítà méjì láti ìsàlẹ̀ táǹkì. Páìpù tó ń gbé omi jáde fi 0.2 mítà ga ju ìsàlẹ̀ táǹkì lọ, kí erùpẹ̀ lè rí ibi sùn. Ẹnu ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ fi 0.6 mítà ga ju ilẹ̀ lọ.

Bí táǹkì bá kún, gíga rẹ̀ ni 25.0, ká fi 1 ti pèpéle kún un, ká fi 2 ti omi kún un, ká yọ 0.6 ti ẹnu ẹ̀rọ kúrò: 27.4. Bí omi bá kù díẹ̀ kó tán, ipò 2 yẹn di 0.2, gíga sì di 25.6.

```
27.4 × 9.81 = 268.8 kPa = 2.69 bar
25.6 × 9.81 = 251.1 kPa = 2.51 bar
```

Ẹ rí i pé kíkún àti gbígbẹ táǹkì kò mú ju ìdá mẹ́wàá méjì báà lọ wá. Àwọn tó ń gbé táǹkì wọn sórí irin mítà méjì nítorí agbára omi ń jèrè bákan náà, bó bá jẹ́ pé òkè ti ga tẹ́lẹ̀. Bí òkè bá jẹ́ mítà márùn-ún péré, ọ̀rọ̀ náà á yàtọ̀ pátápátá, torí mítà méjì nínú márùn-ún kì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́ sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: owó ibodè tí páìpù ń gbà

Nígbà tí ẹ bá ṣí ẹnu ẹ̀rọ, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, á sì máa ha ara páìpù bó ṣe ń lọ. Gbogbo mítà páìpù tó bá kọjá ń gba díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bí oníbodè ṣe ń gbowó lọ́wọ́ èrò. Èyí tó bá ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ ló ń gbé dé ẹnu ẹ̀rọ. Ibí ni gígùn páìpù àti inú rẹ̀ ti wá di nǹkan.

Fún páìpù oníke tó gbé omi tútù lásán, ìlànà Hazen àti Williams ni mo ń lò, torí ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù lè ṣe é:

```
hf = 10.67 × L × Q^1.852 / (C^1.852 × d^4.87)
```

`hf` ni owó ibodè náà, ní mítà omi. `L` ni gígùn páìpù ní mítà. `Q` ni bí omi ṣe ń ṣàn sí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ ní ìwọ̀n ẹgbẹ̀rún lítà, kí 0.2 lítà lè di 0.0002. `d` ni bí inú páìpù ṣe fẹ̀ tó, ní mítà. `C` ni bí ara páìpù ṣe dán tó. Àwọn ìwé máa ń fi 150 fún páìpù oníke tuntun. Èmi ń lo 140, torí páìpù kì í wà ní tuntun títí ayé.

Ẹ ṣọ́ra fún `d`. Páìpù oníke dúdú tí wọ́n ń pè ní méjìlélọ́gbọ̀n, ìta rẹ̀ ló jẹ́ mìlímítà 32. Bí ara rẹ̀ bá nípọn ní mìlímítà mẹ́ta, inú rẹ̀ kò ju 26 lọ. Ẹ gé e, kí ẹ fi rúlà wọn inú rẹ̀. Bí ẹ bá fi 32 sínú ìṣirò dípò 26, owó ibodè tí ẹ máa rí kò ní ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta èyí tó jẹ́ òótọ́ lọ.

Nínú iṣẹ́ wa, páìpù náà gùn ní mítà 420, inú rẹ̀ sì jẹ́ 26. Ẹnu ẹ̀rọ kan tó ń fún yín ní lítà méjìlá ní ìṣẹ́jú kan ń gba 0.2 lítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ lè tẹ èyí sínú ojú ìwé ìṣirò kọ̀ǹpútà bó ṣe wà:

```
=10.67*420*0.0002^1.852/(140^1.852*0.026^4.87)
```

Mítà 3.5 ló máa sọ. Mo máa ń fi ìdá mẹ́wàá kún un fún fáàfù àti oríkèé páìpù, ó di 3.9. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gíga tó lọ sílẹ̀: 25.6 yọ 3.9, ó ku 21.7 mítà, báà 2.13. Omi dáadáa nìyẹn.

Ó wá ku ohun tí ọ̀pọ̀ kì í retí. Ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí òun náà máa gba 0.2. Èèyàn á rò pé owó ibodè á di ìlọ́po méjì. Rárá o. Nítorí 1.852 tó wà lórí `Q` yẹn, bí omi bá di ìlọ́po méjì, owó ibodè á di ìlọ́po mẹ́ta àti àbọ̀ ó lé díẹ̀. Ó di mítà 14. Ohun tó kù lẹ́nu ẹ̀rọ di 11.6 mítà, báà 1.14. Ó ṣì ṣeé lò. Ẹ wá ṣí ẹkẹta: owó ibodè di nǹkan bí 29.5 mítà, nígbà tó jẹ́ pé mítà 25.6 péré la ní lọ́wọ́. A ti jẹ gbèsè.

Kò túmọ̀ sí pé omi á dá. Òun fúnra rẹ̀ á dín bó ṣe ń ṣàn kù títí ohun tó ní á fi tó san. Ohun tí ìyẹn fi ń hàn lójú èèyàn ni pé ẹnu ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa ṣe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹnì kan bá sì ti tirẹ̀ pa, ti àwọn tó kù á ta lójijì. Bí wọ́n bá ti ṣàlàyé èyí fún mi lórí fóònù, mo ti mọ̀ pé páìpù ló há.

Àtúnṣe rẹ̀ wà lára `d`. Bí inú páìpù bá fi ìdá mẹ́rin fẹ̀ sí i, owó ibodè á wálẹ̀ sí ìdá mẹ́ta èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Páìpù ogójì tí inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 32.6 á gbé ti ẹnu ẹ̀rọ mẹ́ta náà, owó ibodè rẹ̀ á sì jẹ́ mítà 9.8. Ohun tó kù jẹ́ 15.8 mítà, báà 1.55. Ẹnikẹ́ni tó bá ń rò ó bóyá kóun gbé táǹkì ga sí i ni tàbí kóun ra páìpù tó fẹ̀, kó ṣe ìṣirò méjèèjì kó tó náwó. Nínú iṣẹ́ tí gíga ti tó bí èyí, páìpù ló sábà máa ń borí.

Èmi kì í fi ohun tó kéré sí mítà márùn-ún sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ lásán, mo sì ń wá mítà mẹ́wàá bí èèyàn bá fẹ́ fi omi náà wẹ̀ lábẹ́ ṣáwà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ padà sí ibi tí ilẹ̀ ti yọ gòǹgò

Gbogbo ìṣirò tókè yẹn wo táǹkì àti ẹnu ẹ̀rọ nìkan. Páìpù ní àárín. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá gun orí ebè kan kó tó sọ̀ kalẹ̀, orí ebè yẹn ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣírò bí ẹni pé ẹnu ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀.

Nínú iṣẹ́ wa, ní mítà 150 sí táǹkì, ilẹ̀ yọ gòǹgò débi pé ó fi mítà mẹ́ta péré lọ sílẹ̀ ju ojú omi tó ti fẹ́ tán. Nígbà tí ẹnu ẹ̀rọ kan ṣí, páìpù ti gba 3.9 lórí 420, nítorí náà lórí 150 ó gba 1.4. Mẹ́ta yọ 1.4, ó ku 1.6. Kò burú. Nígbà tí ẹnu ẹ̀rọ méjì bá ṣí nínú páìpù tí inú rẹ̀ jẹ́ 26 yẹn, ó ti gba mítà márùn-ún kó tó dé ibẹ̀. Mẹ́ta yọ márùn-ún, ó di ìyọkúrò méjì. Ẹ rántí pé ìsàlẹ̀, lẹ́nu ẹ̀rọ, ìṣirò sọ pé báà 1.14 ló kù. Lórí ebè yìí, inú páìpù ti ń fà mọ́ra.

Ohun méjì ló ń ti ibẹ̀ wá. Afẹ́fẹ́ tó ti yòrò sínú omi á jáde wá kó ara rẹ̀ jọ sórí ebè náà, á dí ojú ọ̀nà, omi á wá máa jáde ní ìdákúrekú pẹ̀lú ìró tó ń pòkìkì. Èyí tó burú jù ni pé bí oríkèé páìpù kan bá ń jò níbẹ̀, omi inú kò ní jò síta, omi ẹrẹ̀ ìta ló máa fà wọlé. Omi tí ẹ ti sè tàbí tí ẹ ti fi oògùn sí nínú táǹkì á wá dé ẹnu ẹ̀rọ pẹ̀lú ìdọ̀tí.

Ẹ ò ní láti pààrọ̀ gbogbo páìpù nítorí èyí. Ibi tó há ni láti táǹkì dé orí ebè, ẹ fẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Mítà mẹ́ta nìkan la ní láti ná lórí apá yẹn. Fún ẹnu ẹ̀rọ mẹ́ta, kódà páìpù ogójì kò tó, torí ó máa gba 3.5. Bí a bá lo páìpù àádọ́ta tí inú rẹ̀ jẹ́ 40.8 fún mítà 150 àkọ́kọ́, owó ibodè ibẹ̀ di 1.2, ó sì ku mítà 1.8 lórí ebè. Láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀, páìpù ogójì ti tó, ó gba 6.3 mìíràn. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, 7.5. Lẹ́nu ẹ̀rọ, 25.6 yọ 7.5 jẹ́ 18.1 mítà, báà 1.78, tí ẹnu ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń ṣàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi fáàfù kékeré tó ń tú afẹ́fẹ́ síta sórí ebè náà.

Ibi tó jin náà ní tirẹ̀. Bí páìpù bá gba inú àfonífojì tó fi ogún mítà jin ju ẹnu ẹ̀rọ lọ, gíga tó ń tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ nígbà tí omi dúró ni 27.4 àti 20, mítà 47.4, báà 4.65. Páìpù tí wọ́n kọ `PN6` sí lára gba báà mẹ́fà, ó sì lè gbà á. Bí ẹnì kan bá ti ẹnu ẹ̀rọ pa lójijì, ìfúnpá á fò sókè fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà `PN10` ni màá rì mọ́ ilẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: gééjì àti garawa

Ẹ de gééjì mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, kí ẹ ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ tó kù pa, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó yẹ kó ka ohun kan láàárín 2.5 sí 2.7, bí omi bá ṣe wà nínú táǹkì. Bó bá kà á bẹ́ẹ̀, gíga tí ẹ wọ̀n tọ̀nà.

Bó bá kéré, bí àpẹẹrẹ tó ka 2.0, mítà márùn-ún ti sọnù nígbà tí ẹ rò pé omi dúró. Omi tó dúró kì í san owó ibodè, nítorí náà bóyá kò dúró ni: ó ń jò níbì kan, tàbí ẹnì kan ṣí ẹnu ẹ̀rọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ lọ sí ìdí táǹkì, kí ẹ fetí sí páìpù tó ń jáde. A máa ń gbọ́ ìṣàn omi bí ilẹ̀ bá dákẹ́. Afẹ́fẹ́ tó há sínú páìpù tó ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ náà lè jẹ ìfúnpá bẹ́ẹ̀, torí òpó omi ti gé síbi méjì tàbí mẹ́ta. Fáàfù tí wọn kò ṣí tán kò lè fa èyí. Nígbà tí omi bá dúró, ihò tó tó ojú abẹ́rẹ́ ti tó láti gbé ìfúnpá kọjá.

Fáàfù yẹn á fi ara hàn nígbà tí ẹ bá ṣí omi. Ẹ gbé garawa lítà mẹ́wàá sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ kan, kí ẹ fi fóònù ka àkókò. Bí ó bá gba àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá láti kún, 0.2 lítà nìyẹn. Ẹ wo ohun tí gééjì ń kà lẹ́nu ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Bí ìdúró bá pé ní 2.6, tí ìṣàn sì wó sí 1.0 dípò 2.1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a ṣírò fún ẹnu ẹ̀rọ kan, ohun kan ló há lójú ọ̀nà: fáàfù tó ṣí lábọ̀, ewé tó dí asẹ́ ẹnu páìpù nínú táǹkì, tàbí páìpù tí inú rẹ̀ kéré ju èyí tí wọ́n tà fún yín.

Nọ́ńbà mẹ́ta ni mo máa ń fi ọ̀dà kọ sára ògiri lẹ́bàá ẹnu ẹ̀rọ kí n tó kúrò: ohun tí gééjì kà nígbà tí omi dúró, ohun tó kà nígbà tí ẹnu ẹ̀rọ kan ń ṣàn, àti ìṣẹ́jú àáyá tí garawa fi kún. Mo máa ń kọ ọjọ́ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, àti ibi tí ojú omi dé nínú táǹkì lọ́jọ́ náà.